Áàpù ìwé gbèsè ò rí orúkọ kọ́sítọ́mà mi, ẹni tó ṣe é ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ kó lè rí i?

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Áàpù kan wà tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó ń ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ mi, iye tí kálukú jẹ àti ọjọ́ tí wọ́n máa san. Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn. Láti bí oṣù kan báyìí, tí mo bá tẹ orúkọ àwọn kan síbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ, áàpù á ní òun ò rí wọn. Tí mo bá wá fọwọ́ fa ìwé náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá rí orúkọ ọ̀hún níbẹ̀ gbalaja. Ẹnì kan wá gba aṣọ kún èyí tó jẹ tẹ́lẹ̀, mo wá orúkọ ẹ̀ títí, mo rò pé mi ò kọ ọ́ ni, mo bá ṣí orúkọ tuntun fún un, àṣé ó wà níbẹ̀. Gbèsè ẹ̀ wá pín sí ojú méjì, ọjọ́ tó wá san, ìdajì ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tó lọ tán ni mo tó mọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí ọmọ tó ṣe áàpù yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, áàpù yín ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò rí àwọn kọ́sítọ́mà mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tún un ṣe kíákíá, owó ni mò ń pàdánù." Èsì tó ń fún mi ni pé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo ti dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ mi." Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń dáhùn, àmọ́ ohun tí mò ń rí ni òun ò rí. Kí ni kí n kọ tí òun náà á fi rí i?

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́ Ajé, 8:10 àárọ̀

Ìyá, sikirinṣọ́ọ̀tì ni. Ẹ ya orúkọ tó wà nínú ìwé, ẹ ya ibi tí áàpù ti ní òun ò rí i, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí i, ó tán. Àwòrán kì í parọ́.

Àdánwò Èkó · Ọjọ́ Ajé, 9:33 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa dán sọ́fítíwíà wò kó tó dọ́wọ́ aráàlú, irú mẹ́sééjì tí ẹ kọ yìí ni mò ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ má bínú tí mo bá là á mọ́lẹ̀.

"Áàpù yín ò ṣiṣẹ́" kò sọ nǹkan kan fún un. Ṣé kò ṣí ni? Ṣé ó ṣí tó tún pa ara ẹ̀ dé? Ṣé orúkọ gbogbo èèyàn ni kò rí ni àbí tàwọn kan? Nígbà tí ọmọ yẹn ka mẹ́sééjì yín, ó dájú pé ó ṣí áàpù lórí fóònù tiẹ̀, ó kọ orúkọ kan tó wá sí i lọ́kàn, ó wá a, ó rí i, ó sì dá yín lóhùn. Kò parọ́ o. Ohun tó ṣe ni kò jọ ohun tí ẹ̀yin ṣe.

Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ yín ni ọ̀nà tí òun á tọ̀ tí òun náà á fi débi tí ẹ dé. Ẹ pa áàpù yẹn dé pátápátá, ẹ tún un ṣí, kí ẹ wá máa kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ yín bá tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa ní òun ò rí i. Bí ẹni ń júwe ilé fún àlejò tí kò wọ̀lú rí. Ẹ ò lè sọ fún un pé "tó o bá débi ilé wa, wọlé", ẹ máa sọ ibi tó ti máa bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó máa yà sí, ilẹ̀kùn tó máa kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ rí, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí gan-an, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lójú fóònù bó ṣe wà, ẹ má fi ẹnu ara yín tún un sọ.

Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́ rárá, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Àwọn orúkọ tí kò rí yẹn, mélòó ni wọ́n? Kí ló pa wọ́n pọ̀ tí kò sí lára àwọn tó ń rí? Ẹ má tíì ronú nípa ohun tó fà á o, ẹ ṣáà fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ sì wò wọ́n dáadáa.

Mọ́mì Tòbí · Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà wà nínú wàhálà áàpù o. Áàpù báńkì mi yọ ẹgbẹ̀rún méjìlélógún lára owó mi, ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ní òun ò rí kọ́bọ̀, ó ti di ọjọ́ kẹrin. Mo ń kọ "ẹ dá owó mi padà" sí wọn, wọ́n ń sọ pé kí n fara balẹ̀. Ṣé kí èmi náà kọ gbogbo ibi tí mo tẹ̀?

Àdánwò Èkó · Ọjọ́ Ajé, 10:21 àárọ̀

@Mọ́mì Tòbí ẹ pẹ̀lẹ́ mà, tiyín yàtọ̀ o. Tìyá aláṣọ, a fẹ́ kí ẹlòmíì lè tún nǹkan yẹn ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀ ni. Tiyín, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ lójú òun, owó ẹyọ kan yẹn ni wọ́n fẹ́ tọ ipasẹ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí ríṣíìtì owó yẹn ni kẹ́ ẹ fún wọn, ọjọ́ àti aago tí owó yọ, iye ẹ̀, àti báńkì tó ń lọ. Ẹ má kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín àti nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o, ì báà jẹ́ pé ó ní báńkì lòun ti ń pè. Ẹ ṣí ojú ìwé tiyín lọ́tọ̀ kí àwọn tó mọ̀ nípa báńkì lè rí i.

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Mo ti dé láti ọjà o. Mo ṣe ohun tí Àdánwò Èkó sọ. Mo jókòó, mo wá orúkọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ èyí tí kò rí sínú ìwé. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló ní àmì lórí tàbí lábẹ́: Ṣọlá, Ìyá Ẹ̀wà, Adétọ́lá, Bọ́sẹ̀ Alátà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá ní áà, àmì ni kò mọ̀. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn mìíì wà tó ní àmì tó ń rí wọn dáadáa. Ó ń rí Ìyá Ẹwà, ìyẹn ìyá ọmọ tó ń jẹ́ Ẹwà, kò sì rí Ìyá Ẹ̀wà tó ń ta ẹ̀wà ní ìdí ọkọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé, mẹ́tàlá nínú wọn, ọmọbìnrin mi ló kọ wọ́n nígbà tó wá sílé fún họ́lídé, orí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ ló ti tẹ̀ wọ́n, ó wá fi ránṣẹ́ sí mi, mo kọ́pì wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ inú áàpù. Àwọn tí èmi fọwọ́ ara mi tẹ̀ lórí fóònù, kò sí èyí tí kò rí níbẹ̀. Mo ti ń rò ó pé láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì. Ṣé kí n kọ ìyẹn sí dẹfẹlópà?

Ọmọ Ṣakí · Ọjọ́ Ajé, 10:48 alẹ́

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ ti rí i báyìí, ẹ ò kàn mọ̀ pé ẹ ti rí i ni. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Dẹfẹlópà ni èmi náà, bọ́ọ̀gì yìí ti jẹ mí lọ́wọ́ rí.

Lẹ́tà ọ tó lójú lábẹ́ yìí, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú ẹ̀. Ọ̀nà kan, lẹ́tà ẹyọ kan ni, ó ní nọ́ńbà tiẹ̀, U+1ECD. Ọ̀nà kejì, o lásán ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, wọ́n wá fi àmì tó ń jẹ́ U+0323 tẹ̀ lé e, àmì yẹn á lọ bọ́ sábẹ́ o, á wá di ọ lójú wa. Tí ẹ bá tẹ méjèèjì sórí bébà, ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Áàpù tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, lọ́dọ̀ tiẹ̀ wọn ò jọra rárá. Kíbọ́ọ̀dù fóònù yín ń kọ ọ ní ẹyọ kan, kíbọ́ọ̀dù láàpútọ́ọ̀pù ọmọ yín ń kọ ọ́ ní méjì. Èrò mi nìyẹn, kẹ́ ẹ sì rí i pé òótọ́ ni, ẹ ní kí ọmọ yín ṣí Python tí a fi ń kọ sọ́fítíwíà lórí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀, kó tẹ eléyìí, kó tẹ Enter, kó wá kọ́pì Ṣọlá láti inú fáìlì tó ti kọ ọ́ sínú ẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kó tún tẹ Enter:

```
print([hex(ord(c)) for c in input()])
```

Tó bá jáde báyìí, a jẹ́ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú àmì ẹ̀ ní ẹyọ kan:

```
['0x1e62', '0x1ecd', '0x6c', '0xe1']
```

Tó bá jáde báyìí, àmì dá wà, lẹ́tà dá wà:

```
['0x53', '0x323', '0x6f', '0x323', '0x6c', '0x61', '0x301']
```

Orúkọ kan náà, ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ méje. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn @Bàbá Ìbejì. Ẹ má bínú sà, nínú ọ̀rọ̀ yìí sikirinṣọ́ọ̀tì ló máa bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá rí Ṣọlá nínú àwòrán, á fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ Ṣọlá lórí kíbọ́ọ̀dù tiẹ̀, kíbọ́ọ̀dù tiẹ̀ á kọ ọ́ ní mẹ́rin, á wá a, á rí i, á tún dáhùn pé "ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi". Ọ̀rọ̀ gangan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìyẹn èyí tí ọmọ yín tẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò tún tẹ̀. Kẹ́ ẹ fi sínú fáìlì tó ń parí sí .txt, kẹ́ ẹ so fáìlì náà mọ́ mẹ́sééjì, ẹ má lẹ̀ ẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀, torí sọ́fítíwíà mìíì wà tó ń tún àmì tò bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá, kó máà lọ tún un ṣe lọ́nà kó sì di pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ mọ́.

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Mo gbọ́ tìyẹn. Àmọ́ ẹ má sọ pé àwòrán ò wúlò, torí àwòrán ló yọ mí. Áàpù tí mo fi ń gba owó ọkọ̀ máa ń dúró sójú kan, ó kàn ń yí bírí ni, mo kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin wọn ò rí i. Mo wá fi fóònù kejì ya fídíò ẹ̀, wọ́n wá rí i lókè fóònù pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bọ́ láti 4G sí 3G ní kété tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, tí mo bá kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu fún ọgọ́rùn-ún ìgbà mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Fídíò mú ohun tí mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

Ọmọ Ṣakí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ sà, mo gbà. Tó bá jẹ́ ohun tí ń yí, tó ń dúró, tó ń fò, fídíò ló dáa jù, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí áàpù wà ní pípadé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ni ìdí ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kó lọ. Ìyá lè fi méjèèjì ránṣẹ́, kí fáìlì ṣáà wà níbẹ̀.

Àdánwò Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀

Ọmọ Ṣakí, mo fara mọ́ ọ lórí fáìlì, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ pé kí Ìyá máa lọ ṣí Python. Ẹni tó ra nǹkan kì í ṣe òun ló máa yẹ inú ẹ̀rọ wò. Ohun tó rí ni kó sọ: "èyí tí a tẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù, kò rí i, èyí tí a tẹ̀ lórí fóònù, ó rí i". Ìyẹn tó dẹfẹlópà. Mo tún ti rí i lẹ́ẹ̀kan kí ẹni tó ń ròyìn ti pinnu ohun tó fà á sọ́kàn, ó kọ èrò ẹ̀ dípò ohun tó rí, dẹfẹlópà wá lo ọjọ́ méjì níbi tí kò sí nǹkan kan. Ká ní Ìyá ti kọ "láàpútọ́ọ̀pù ọmọ mi ní fáírọ́ọ̀sì, áàpù yín ò sì rí kọ́sítọ́mà" ńkọ́? Ọmọ yẹn á ní kí wọ́n lọ fọ láàpútọ́ọ̀pù mọ́.

Tí ẹ bá ní èrò mà, ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sọ pé èrò ni.

Ọmọ Ṣakí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Èmi ò tíì gbà pátá o. Tí mo bá rí nọ́ńbà méje yẹn nínú mẹ́sééjì, ìṣẹ́jú kan ni mo fi máa mọ ibi tí màá lọ. Tí mi ò bá rí i, ó lè gbà mí ní odindi ọ̀sán. Tí ọmọ Ìyá bá lè ṣe é, kó ṣe é, kó sì wà nísàlẹ̀ bó o ṣe sọ.

Ẹ̀gbọ́n Sẹ́ńtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:44 ọ̀sán

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Kí Ìyá yọ gbogbo àmì kúrò lórí orúkọ, kó tẹ Sola, kó tẹ Iya Ewa, áàpù á rí wọn. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Èmi ò fi àmì sórí nǹkan kan nínú fóònù mi.

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yọ àmì kúrò, Ìyá Ẹwà àti Ìyá Ẹ̀wà á di ẹnì kan náà. Ìkan jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ìkejì jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì. Ta ni màá lọ bá?

Olùkọ́ Èdè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ ti dá a lóhùn fún mi. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Mẹ́tàlá lẹ sọ pé ọmọ yín kọ nínú mẹ́rìnlá. Ọ̀kan tó kù ńkọ́? Níbo ló ti wá? Mo bi yín torí pé mo ń tẹ ìwé Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ó ti tó ọdún mẹ́wàá, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà kẹta wà. Àwọn kan kì í fi ojú sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sí i, nọ́ńbà tiẹ̀ sì yàtọ̀, U+0329 ni. Tí lẹ́tà bá kéré lójú fóònù, ẹ ò ní mọ̀ pé ìlà ni, ẹ máa rò pé ojú ni. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kí ẹ tó gbà pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá jẹ́ àìsàn kan náà.

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Olùkọ́, ẹ ti já a! Ìyá Ẹ̀wà ni ìkẹrìnlá. Inú ìwé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wa tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ ni mo ti kọ́pì ẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú, ìlà ló wà lábẹ́ ẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe ojú.

Ọmọ mi náà ti tẹ nǹkan tí Ọmọ Ṣakí kọ. Méje ló jáde fún Ṣọlá. Mo wá gbìyànjú láti kọ mẹ́sééjì tuntun, ẹ wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù yín kì í rí orúkọ tí ọmọ mi kọ lórí láàpútọ́ọ̀pù, ó sì ń rí èyí tí mo kọ lórí fóònù. Mo fi ìwé orúkọ gbogbo kọ́sítọ́mà mi àti gbèsè wọn ránṣẹ́ kí ẹ fi wò ó. Ìyá Ẹ̀wà náà kò sí. Mo sì tún fẹ́ kí ẹ bá mi mú kí lẹ́tà tóbi díẹ̀."

Àdánwò Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 alẹ́

Ó ti dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì mà. Ẹ má fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ o! Orúkọ àti owó àwọn èèyàn ni, kò sì nílò ẹ̀. Orúkọ ẹyọ kan ti tó. Ẹ dán an wò bóyá ó máa ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tó bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn gan-an lẹ máa fún un. Ìyá Ẹ̀wà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, lẹ́tà tó tóbi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, kálukú á ní mẹ́sééjì tiẹ̀. Tí ẹ bá kó wọn pọ̀, á tún ọ̀kan ṣe, á ní òun ti parí, méjì tó kù á sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín, ẹ̀yin ẹ tún gbogbo ìgbésẹ̀ ẹ̀ ṣe lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ohun tí kò bá rí bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ yí i padà:

*Àkọ́lé: Ibi ìwárí kò rí "Ṣọlá" tí a kọ́pì wá láti láàpútọ́ọ̀pù, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà nínú ìwé*

*Fóònù mi: Android 12. Áàpù: 2.4.1. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn.*

*1. Mo ṣí áàpù, mo tẹ Kọ́sítọ́mà, mo tẹ àmì +.*
*2. Mo ṣí fáìlì oruko.txt tó wà pẹ̀lú mẹ́sééjì yìí, mo kọ́pì ìlà àkọ́kọ́, mo lẹ̀ ẹ́ sí ibi orúkọ, mo sééfù ẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́pì ẹ̀.)*
*3. Mo padà sí ojú ìwé, mo rí Ṣọlá níbẹ̀.*
*4. Mo tẹ ibi ìwárí, mo fi kíbọ́ọ̀dù fóònù tẹ Ṣọlá.*

*Ohun tó yẹ kí n rí: Ṣọlá.*
*Ohun tí mo rí: "Kò sí kọ́sítọ́mà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀".*

*Mo ṣe é ní ìgbà márùn-ún, ìgbà márààrún ló rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá lo ìlà kejì fáìlì yẹn, tí mo tẹ̀ lórí fóònù, ó ń rí i.*

*Ohun tí ó ń dà rú: mò ń kọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, gbèsè ẹ̀ ń pín.*

*Èrò lásán: ẹnì kan ní ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́jú àmì. Ohun tó jáde nínú Python fún ìlà àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ fáìlì.*

Kí ẹ rí nọ́ńbà fẹ́ṣọ̀n áàpù, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ tẹ `Apps`, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, ẹ fà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ má kọ "èyí tó tuntun jù", torí tó bá fi máa ka mẹ́sééjì yín, òmíràn lè ti jáde.

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́bọ̀, 2:05 ọ̀sán

Mo fi ránṣẹ́ lánàá, lẹ́yìn tí mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tún un ṣe, torí mo rí i pé tí mo bá sééfù tán, áàpù fúnra ẹ̀ ló ń dá mi padà sójú ìwé, kò sí pé mo ń padà. Mo tún un kọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yẹn dáhùn láàárọ̀ yìí: "Mà, mo ti rí i! Nígbà tí mo kọ́pì ìlà àkọ́kọ́ ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ kọ̀wé, mò ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni." Ó ní òun á tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọmọ Ṣakí · Ọjọ́bọ̀, 2:31 ọ̀sán

Ìròyìn ayọ̀! Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá á tún àwọn orúkọ tó ti wà nílẹ̀ ṣe pẹ̀lú, torí tó bá jẹ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀ sí ibi ìwárí nìkan ló ń tún tò, àwọn mẹ́tàlá yẹn á ṣì wà nínú ìwé bí wọ́n ṣe wà.

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:47 alẹ́

Ọ́pídéètì dé. Mẹ́tàlá yẹn, ó ń rí gbogbo wọn, àwọn àtijọ́ náà. Ìyá Ẹ̀wà ni kò tíì rí síbẹ̀.

Olùkọ́ Èdè · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 alẹ́

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Títò tó ń sọ o àti ojú abẹ́ ẹ̀ di lẹ́tà kan kò fọwọ́ kan ìlà, lójú tiẹ̀ àmì ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí mo rò ni pé àṣìṣe akọ̀wé ni, kì í ṣe ti áàpù. Kí Ìyá pa á rẹ́ kó tún un tẹ̀.

Ọmọ Ṣakí · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:26 alẹ́

Olùkọ́, mi ò gbà. Ẹni tó ń lo áàpù kò rí ìyàtọ̀ àárín ìlà àti ojú, bó bá wá orúkọ ó yẹ kó rí i. Kí áàpù ka méjèèjì sí ọ̀kan níbi ìwárí. Kí Ìyá kọ ọ́ sí i, kí dẹfẹlópà sọ bóyá òun máa ṣe é àbí òun ò ní ṣe é.

Olùkọ́ Èdè · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:40 alẹ́

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì tó yàtọ̀ sí ọ̀kan, níbo ló máa dúró? Lọ́la á ka Ẹwà àti Ẹ̀wà sí ọ̀kan.

Ìyá Aláǹkárá Gbági · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bá a lọ, mo ń ka gbogbo ẹ̀. Èmi máa kọ ọ́ sí i ní mẹ́sééjì tiẹ̀. Mi ò tíì tún orúkọ yẹn tẹ̀ o, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí tí mo bá tún un tẹ̀ báyìí, kí ni màá fi hàn án? Mo ti kọ́pì ẹ̀ sínú oruko2.txt, èyí tí akọ̀wé kọ wà ní ìlà àkọ́kọ́, tèmi wà ní ìkejì. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni màá fi ránṣẹ́, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.